Ọ̀rọ̀ Kan Péré Ló Kù

Ogún ọdún ni Sẹ̀gilọlá ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní Yorùbá ní Ìkátẹ̀. Kò sí àṣìṣe tó lè sá pamọ́ fún un. Fikáyọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ níbi ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀ ránṣẹ́ sí i lórí Wásáàpù: “Jọ̀ọ́, ṣé àṣìṣe gírámà wà níbẹ̀?”

Sẹ̀gilọlá kà á dé ìparí: “Kí Ọlọ́run pa tọkọtaya yìí.” Ó pòṣé, ó fèsì: “Ẹyọ kan ni. Fi ‘mọ́’ parí ẹ̀. Bó ṣe wà yìí, o ní kó pa wọ́n ni!”

Èsì dé kíá: “Yéè! Mo ti kà á fún ìyá ọkọ ìyàwó láàárọ̀. Wọ́n ṣe àmín lẹ́ẹ̀mẹta.”