Ìwé Tí Ọ̀gá Ilé-ìwé Kọ Nítorí Ojúgun Délé

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí agbọ̀n ẹ̀gẹ́ tóbi jù mí lọ lórí, Erinje, nítòsí Òkìtìpupa, la ń gbé. Ẹ̀yin tí ẹ bá jẹ́ ẹgbẹ́ mi á rántí bí púpurú gbígbóná, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ wa, ṣe máa ń ta sánsán, àti bí a ṣe ń sáré parí iṣẹ́ àárọ̀ kí pàṣán Tíṣà Bánjọ má baà bá wa lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwé.

Délé, àbúrò mi, kò fẹ́ràn ìwé. Ìsinmi ló fẹ́ràn. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, wọ́n ń ṣe eré ẹkùn mẹ́ran lábẹ́ igi máńgòrò. Délé ni ewúrẹ́, ó wà láàárín agbo. Kò sẹ́ni tó tì í. Ijó ló ń jó láti fi ẹkùn ṣe yẹ̀yẹ́, ló bá ju ẹsẹ̀ lu páànù tó ti dípẹtà. Ojúgun rẹ̀ ya.

Nígbà tí ilé-ìwé jáde, wọ́n fi ìwé lé mi lọ́wọ́ fún Bàámi. Bàámi kò mọ̀wé, èmi ni mo kà á fún wọn létí ààrò. Ọ̀gbẹ́ni Akíntádé, ọ̀gá ilé-ìwé wa, kọ ọ́ ní Yorùbá tó já geere: pé Délé fara pa nínú eré nígbà ìsinmi, pé tíṣà tó ń ṣọ́ wọn ti fi omi àti ọṣẹ fọ ojú ọgbẹ́, ó fi àyódíìnì, oògùn apakòkòrò, sí i, ó sì dì í, pé irin tó dípẹtà lè fa àìsàn tí í mú àgbọ̀n ènìyàn le gbagidi, nítorí náà abẹ́rẹ́ wà fún un ní ilé ìgbòògùn, kò sì yẹ kó pẹ́, ṣùgbọ́n àwọn kò ní jẹ́ kí wọ́n gún un láìjẹ́ pé òbí fọwọ́ sí i. Kí Bàámi tẹ ìka sí ìsàlẹ̀ ìwé, kí wọ́n gé ibẹ̀, kí wọ́n fi ránṣẹ́ padà.

"Ta ló tì í?" Bàámi bi mí.

"Kò sí nínú ìwé, Bàámi."

"Kò kọ orúkọ ọmọ ẹnì kankan? Ọkùnrin yẹn gbọ́n. Kò fẹ́ kí n lọ jà nílé onílé."

Àmọ́ wọn ò tẹ ìka. Aládùúrà ni wá, omi àdúrà nìkan ni Bàámi mọ̀ ní oògùn. Bí Délé ṣe gbọ́ "abẹ́rẹ́" ni ó di ojú, tó ń gbọ̀n bí ewé. "Mo rí áńgẹ́lì. Ó ní kí wọ́n má gún mi."

Bàámi ká ìwé. Ṣùgbọ́n nínú ìjọ wa, a kì í gba ìran ọmọdé títí àgbà yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n gbé Délé lọ sọ́dọ̀ Ìyá Àdúrà Fọlákẹ́, tó ń bó ẹ̀gẹ́ lẹ́yìnkùlé.

"Áńgẹ́lì rẹ, kí ló wọ̀?"

"Aṣọ funfun, Ìyá."

"Ẹsẹ̀ ńkọ́?"

"Bàtà dúdú tó ń dán."

Ìyá Àdúrà gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé a kì í wọ bàtà mọ́ aṣọ àdúrà. "Áńgẹ́lì wo ló wọ bàtà wá síwájú Olúwa? Ọ̀gá ilé-ìwé yín tó máa ń wọ funfun pẹ̀lú bàtà dídán lo rí, ọmọ mi. Òun náà ló sì ní kí wọ́n gún ọ." Ó kọjú sí Bàámi. "Aísáyà ní kí wọ́n fi èso ọ̀pọ̀tọ́ lé eéwo Hesekáyà. Ṣé ẹ̀yin mọ Ọlọ́run ju Aísáyà lọ ni? Ẹ tẹ ìka."

Kò sí tàdáwà nílé. Bàámi po èédú ìdí ìkòkò mọ́ epo pupa, wọ́n tẹ̀ ẹ́ gbàgàdà. Mo mú ègé ìwé náà padà; Ọ̀gbẹ́ni Akíntádé gbé e sókè wò sí oòrùn, ó rẹ́rìn-ín, ó sì fi í mọ́ ẹ̀dà tirẹ̀ nínú fáìlì. Èèrà ló kọ́kọ́ rí i níbẹ̀, epo ló fà wọ́n. Bàámi àti Ìyá Àdúrà tẹ̀ lé wa dé ilé ìgbòògùn tàgogo tàgogo. Délé ké kí nọ́ọ̀sì tó fa oògùn sínú abẹ́rẹ́. Ọgbẹ́ náà san láìmú wàhálà wá.

Lóde òní, bí ọmọ bá fara pa nílé-ìwé, orí fóònù ni ìròyìn ń gbà wá, kíá ni òbí sì ń fèsì. Ó dára, ó yá. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń fi agogo sin ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ mọ́. Nígbà tí Délé ń ṣàìsàn ní Òkìtìpupa lọ́yẹ́ tó kọjá, èmi nìkan ni mo jókòó tì í. Nọ́ọ̀sì mú abẹ́rẹ́ wọlé, mo ń retí irọ́ tí Délé yóò pa. Kò dárúkọ áńgẹ́lì. Ó kàn na apá rẹ̀ sí i. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé àbúrò mi ń lọ.