Bíríìjì Tí Mo Gé Dànù

Orin ni mò ń tò pọ̀ ní situdíò. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wá kọ ọ̀kan nípa bàbá rẹ̀, tó fi òun àti ìyá rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tó wà ní kékeré. Orin nìkan ló lè fi bá a sọ̀rọ̀.

Pirí-kọ́rọ́ọ̀sì rẹ̀, apá tó ṣáájú kọ́rọ́ọ̀sì, ń gbé ohùn sókè díẹ̀díẹ̀, títí ara èèyàn ò fi ní gbà á mọ́, kí kọ́rọ́ọ̀sì tó já lu húùkù tó ń lẹ̀ mọ́ni létí: "Ẹ ò sí ńlé." Lẹ́yìn kọ́rọ́ọ̀sì kejì, apá orin tí à ń pè ní bíríìjì yí ohùn padà, ó sọ ohun tí orin ò tíì sọ: "Bàbá, mo ti dárí jì yín."

Rédíò ní orin náà gùn jù. Èmi ọlọ́gbọ́n àṣejù, mo gé bíríìjì dànù láìbi ọmọ náà léèrè, nítorí húùkù ló ń tà.

Orin náà gbòde kan. Lánàá, mo bá ẹ̀gbọ́n mi, bàbá ọmọ náà, nídìí máṣíìnì ìránṣọ rẹ̀, ó ń kọ húùkù yẹn jẹ́jẹ́.

Ó ní, "Àbúrò, ọmọ mi ò ní dárí jì mí láéláé, àbí?"

Bíríìjì náà wà nínú fóònù tó wà lápò mi. Ìtìjú ò jẹ́ kí n yọ ọ́ jáde kó gbọ́ ọ.