Ìmọ̀ràn Àǹtí fún Kíláàsì Aláriwo

Àgbà olùkọ́ kan wà tí kíláàsì rẹ̀ fara ti tèmi ní Ìsọlọ̀, lẹ́bàá títì táwọn ọkọ̀ ńlá ń gbà lọ sílé iṣẹ́. Àǹtí ni gbogbo wa ń pè é. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi pariwo borí ọkọ̀ àti ọmọ, títí ohùn rẹ̀ fi há. Dókítà ní àfi kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ sí i lọ́fun, kò sì ṣèlérí pé ohùn náà á padà.

Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú iṣẹ́ abẹ ló gbé fóònù rẹ̀ fún mi. Ó ti kọ ọ̀rọ̀ kan tó fẹ́ fi ránṣẹ́ sáwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa lórí Wásáàpù, nípa bó ṣe ń mú kíláàsì dákẹ́ láìlo ohùn.

“Bá mi tún un ṣe,” ló sọ wúyẹ́wúyẹ́. “Mi ò fẹ́ kí ohun tó ṣe mí yìí ṣe ẹlòmíì.”

Mo kà á, inú bí mi. Ó gbàdúrà nínú ẹ̀, ó kí àwọn ọ̀gá, ó ròyìn àìsàn rẹ̀ látòkèdélẹ̀. Ìmọ̀ràn fúnra rẹ̀ ò ju gbólóhùn kan lọ: ẹ gbọ́wọ́ sókè, kẹ́ ẹ sì ní sùúrù.

“Àǹtí, sùúrù báwo? Táwọn ọmọ ò bá wo ọwọ́ yín ńkọ́? Ọ̀rọ̀ púpọ̀ ò kún agbọ̀n o.”

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ikọ́ ò jẹ́. “Wá wò ó.”

Mo tẹ̀ lé e dé kíláàsì rẹ̀. Bó ṣe ṣe é ni mo kọ:

“Tí kíláàsì bá ń pariwo, ẹ dúró síbi kan náà ní gbogbo ìgbà. Ẹ gbọ́wọ́ sókè, ẹ má sọ̀rọ̀. Ọmọ tó bá rí yín á gbé tiẹ̀ sókè, á dákẹ́, á fọwọ́ kan ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ẹ má sọ ọwọ́ kalẹ̀ títí gbogbo wọn á fi dákẹ́. Ẹ kọ́kọ́ fi kọ́ wọn kíṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.”

Mo fi ìlà kan sílẹ̀ nípa ọ̀fun rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló pa á rẹ́.

“Olùkọ́ tó fẹ́ lò ó, kí ni àìsàn mi máa ṣe fún un?”

Ó dùn mí, àmọ́ òótọ́ ló sọ. A fi í ránṣẹ́.

Ìdúpẹ́ ń wọlé kí iléèwé tó parí. Olùkọ́ kan tó ń kọ́ni ládùúgbò Bọ́ládé sọ pé òun ti dán an wò. Òmíràn kọ ọ́ pé: “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe fọ́ìsì nóòtù ẹ̀ fún wa. A fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu yín.”

Àǹtí tẹ fóònù, ó gbé e súnmọ́ ẹnu. Ètè rẹ̀ ń lọ. Nígbà tá a gbọ́ ohun tó gbà sílẹ̀, èémí lásán ni. Ó pa á rẹ́, ó nawọ́ fóònù sí mi.

“Ìwọ sọ ọ́.”

Mo sọ ọ́ látorí fóònù rẹ̀, mo fi ránṣẹ́. Kò pẹ́ tí ẹni náà fi dáhùn: “Ohùn yín ṣì dá ṣáká, Àǹtí.”

Ó kà á. Mo fẹ́ ṣàlàyé fún ẹni náà, ó gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó kọ “Ẹ ṣeun” sí i.