Ògiri Tí Ọlọ́dà Kun Lẹ́ẹ̀marùn-ún

Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ sọ fún mi ni pé Káfíńtà ti kó ẹ̀fẹ̀ mẹ́tàdínlógún jọ, tó fẹ́ fi tú àṣírí ọ̀rẹ́ rẹ̀ níwájú àwọn àna, lọ́jọ́ ìgbéyàwó gan-an. Wọ́n ní àwọn kan tilẹ̀ ti ń bẹ̀ ẹ́ kó má dárúkọ tiwọn mọ́ ọn. Mo gba ìdajì rẹ̀ gbọ́, kí Ọlọ́run dárí jì mí. Ta ni kò mọ Káfíńtà? Ó lè máa kan ìṣó mọ́ pákó, kó tún máa kan ẹ̀fẹ̀ mọ́ ẹni tó di pákó náà mú fún un.

Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni, ilẹ̀kùn àti fèrèsé ni iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí gbogbo ayé ń pè ní Ọlọ́dà, ló máa ń kun ohun tí Káfíńtà bá kàn. Ọdún méjìlá ni wọ́n ti jọ ń ṣe é: ibi tí ayùn bá ti dákẹ́ ni búrọ́ọ̀ṣì ti ń gbà á. Nígbà tí Ọlọ́dà fẹ́ gbéyàwó, kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó ní Káfíńtà ni yóò jẹ́ bẹ́sítì máànù òun, tí yóò sì sọ̀rọ̀ níbi àsè.

“Ẹ̀fẹ̀ nìkan o,” ló kìlọ̀ fún un. “Pa wọ́n lẹ́rìn-ín, kó o jókòó. Tó o bá fi lè jẹ́ kí n sunkún níwájú bàbá ìyàwó mi, èmi pẹ̀lú ẹ ti parí nìyẹn.”

“Ìwọ tó ò sunkún lọ́jọ́ tí àkàbà gbé ẹ ṣubú?”

“Àkàbà ò mọ̀ mí bó o ṣe mọ̀ mí.”

Káfíńtà rẹ́rìn-ín, ó ṣèlérí, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀. Ọpẹ́ kan wà tó yẹ kó ti dá Ọlọ́dà láti ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Láàárín àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, ẹni tó na òòlù síni là ń kí pé ó ṣeun. Ọpẹ́ tó bá ju ti òòlù lọ, a kì í rí ẹnu sọ ọ́. Bí kò bá sọ ọ́ lọ́jọ́ yìí, ọjọ́ wo ni yóò sọ ọ́?

Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìgbéyàwó, ó gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ sílé ìyá rẹ̀. Ẹ̀yìn bébà tí wọ́n fi ń ha pákó ló kọ ọ́ sí, ẹ̀fẹ̀ kan lójú bébà kan, tí gbogbo rẹ̀ ń ha ara wọn gììrì nínú àpò. Ìyá rẹ̀ ń ká aṣọ tó gbẹ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, yọ aago tó fi ń ka ìlù ọkàn àwọn aláìsàn.

“Ìṣẹ́jú márùn-ún,” ni ẹ̀gbọ́n wí. “Tó bá ti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ebi á bẹ̀rẹ̀ sí í dá sí i.”

Ó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀fẹ̀ kìíní, ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Èkejì, ó fi aṣọ bojú. Nígbà tó dórí ti omidan kan tí Ọlọ́dà máa ń kọ lẹ́tà sí nígbà kan rí, ìyá gbé aṣọ sílẹ̀.

“Ìyàwó ń kọ́? Ṣé á bá wọn rín in?”

“Màámi, ẹ̀fẹ̀ ni kẹ̀.”

“Ẹ̀fẹ̀ tí ìyàwó ò lè bá wọn rín, ẹjọ́ ni.”

Ó fa bébà yẹn ya. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi kún un pé, “O pa mí lẹ́rìn-ín lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ká ní mi ò mọ Ọlọ́dà rí, mi ò ní mọ ìdí tí ẹnikẹ́ni fi fẹ́ ẹ.”

Ó dùn ún. Ó kó gbogbo ẹ̀fẹ̀ tì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó dìde, ó gbé ohùn sílẹ̀: “Ọ̀rẹ́ mi àtàtà, òpó lo jẹ́. Òjìji lo jẹ́ lábẹ́ oòrùn...”

Ìyá rẹ̀ yọ awò ojú. “Ṣé Ọlọ́dà ti kú ni?”

“Màámi!”

“Ọ̀rọ̀ ibojì lò ń kà sí mi létí yẹn. Kí Ọlọ́run má jẹ́ ká rí i. Sọ ti ilẹ̀kùn, jàre.”

Kò sẹ́ni tí kò mọ ìtàn ilẹ̀kùn yẹn. Káfíńtà sọ ọ́, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí kò dúró síbi tó ti máa ń dúró. Nígbà tó parí, ìyá rẹ̀ ti ká aṣọ kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ti gbàgbé aago.

“Èyí ni,” ni ẹ̀gbọ́n wí. “Ṣùgbọ́n yọ ẹ̀fẹ̀ ìṣó tó wà nígbẹ̀yìn yẹn kúrò.”

“Kò gbọdọ̀ yọ ọ́,” ni ìyá wí. Wọ́n fà á títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ọjọ́ pé. Káfíńtà dìde láàárín gbọ̀ngàn, kò sì mú bébà kankan jáde.

“Ẹ má jẹ́ kí kóòtù yìí tàn yín. Káfíńtà ni mí. Tí ọ̀rọ̀ mi bá gùn jù, ẹ wọ̀n ọ́n, kẹ́ ẹ sì gé e.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ara rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀.

“Nínú ilé tuntun kan ni, lọ́dún mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Mo ti gbé ilẹ̀kùn yàrá kọ́, mi ò tíì fi ọwọ́ sí i nínú. Ọ̀gbẹ́ni yìí wọlé bá mi, ó ti ilẹ̀kùn pa, kó lè kun ẹ̀yìn rẹ̀. Ó sì kun ún dáadáa o! Ọwọ́ ilẹ̀kùn wà nínú àpótí irinṣẹ́ mi. Àpótí irinṣẹ́ mi wà níta.”

Ẹ̀rín ti ń ru.

“Ẹ ní fèrèsé ń kọ́? Èmi náà ni mo kàn án, tirin-tirin. Gbogbo agbára wa, kò mì. Iṣẹ́ mi dáa, ẹ ṣeun. Wákàtí mẹ́fà!”

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Ọlọ́dà ń lu tábìlì. Ó rò pé ọ̀rọ̀ náà ti parí. Káfíńtà dúró. Kò sọ̀rọ̀ bo ẹ̀rín wọn mọ́lẹ̀, kò sì jẹ́ kó tutù tán. Bó ṣe ku díẹ̀ kó rọlẹ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

“Ọ̀sẹ̀ kẹta tí a sin bàbá mi nìyẹn. Mi ò tíì sunkún. Inú yàrá yẹn ni ẹkún ti já lù mí. Ọlọ́dà ò bi mí ní nǹkan kan. Ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó ń kun ògiri. Ó kun ún tán, ó gbọ́ pé mi ò tíì ṣe tán, ló bá tún un kun. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún.”

Ọlọ́dà ti dorí kodò, èjìká rẹ̀ ń mì, bàbá ìyàwó sì ń wò ó. Káfíńtà rí i.

“Títí dòní,” ló wí, “ìṣó kan ò tíì lè wọ ògiri yẹn.”

Ẹ̀rín bú jáde, ti Ọlọ́dà ló sì ròkè jù. Ó fi ọwọ́ méjèèjì nu ojú; ó kù sọ́wọ́ ẹni tó lè sọ omijé èwo ni.

“Ìyàwó wa, lọ́jọ́ tó bá kọ ẹ̀yìn sí yín tí ò sọ nǹkan kan, ẹ má rò pé ó ń bínú. Ó ń dúró tì yín ni. Ẹ̀yin èèyàn, ẹ gbé ife yín sókè.”

Nígbà tí wọ́n ń to àga jọ ní yàrá ẹ̀yìn, àríyànjiyàn tún bẹ̀rẹ̀.

“Ká ní o dákẹ́ síbi ẹ̀ẹ̀marùn-ún yẹn,” ni ẹ̀gbọ́n wí, “gbogbo wọn ì bá ti sunkún.”

“Kí wọ́n wá sunkún fún kí ni?” Ìyá rẹ̀ kọjú sí i. “Ó ṣèlérí fún ọmọ ọlọ́mọ! Àbí o ò rí bó ṣe...”

“Màámi, ọ̀rọ̀ tó bá ti inú ọkàn wá...”

“Ọkàn wo? Ta ló sọ fún ọ pé ẹ̀rín kì í ti ọkàn...”

Káfíńtà ò gbọ́ ìyókù. Láti ojú ilẹ̀kùn, ó ti rí Ọlọ́dà ní àgbàlá, tó dá dúró nínú kóòtù funfun rẹ̀, tó kọjú sí ògiri tí kò sẹ́ni tó ní kó kun. Ó rọra gbé àga tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kalẹ̀, ó jáde bọ́ sí àgbàlá, ó sì fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu lẹ́yìn ara rẹ̀.