Okùn Tí Wọ́n Dè Wá Láti Ìta

Lọ́dún tí mo ń sìnrú ìlú, ilé ìwòsàn ọpọlọ kékeré kan lójú ọ̀nà Addo ni wọ́n pín mi sí gẹ́gẹ́ bí nọ́ọ̀sì. Wọ́ọ̀dù àwọn tí àìsàn wọn ṣì le ni mo wà. Tí aláìsàn kan bá yarí jù, a máa ń fi bẹ́líìtì aláṣọ dè é mọ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó máa ń rẹ̀ mí lẹ́yìn ìyẹn, kì í sì í ṣe ara nìkan. Ojú máa ń tì mí, ẹ̀rù sì máa ń bà mí pé bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n á ní iṣẹ́ náà ju agbára mi lọ.

Mètírọ́ọ̀nù wa ló ní ká dín dídè náà kù. Gbogbo wa gbà. Wọ́n wá bi wá pé, "Dín in kù dé ibo? Títí dìgbà wo?" A kọ ọ́ sílẹ̀: kó dín sí ìdajì kí oṣù mẹ́fà tó pé. A kó àwọn fáànù tó ti bàjẹ́ kúrò nínú yàrá kan, a tẹ́ ẹní síbẹ̀, a fi aṣọ dúdú bo fèrèsé, kí ẹni tó bá fẹ́ máa yarí lè jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú nọ́ọ̀sì kan. A tún ń bi ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé léèrè ohun tó máa ń mú ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ àárọ̀ nìkan ló kọ́kọ́ dán an wò. A tún ibi tó kù díẹ̀ káàtó ṣe kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn yòókù.

Iṣẹ́ tèmi ni kíkà. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mo ń ka iye ìgbà tí a de èèyàn. Màá fi iye aláìsàn tó wà ní wọ́ọ̀dù lójoojúmọ́ pín in, màá sì fi àmì kan sórí ṣáàtì ara ògiri, màá fa ìlà láti ara àmì ọ̀sẹ̀ tó kọjá dé ibẹ̀. Mo tún ń ka abẹ́rẹ́ amúnisùn àti òṣìṣẹ́ tó bá fara pa, ká má baà sọ bẹ́líìtì sílẹ̀ ká wá máa fi abẹ́rẹ́ rọ́pò rẹ̀.

Ọ̀gá tó ni ilé ìwòsàn ti sọ fún wa pé bí ìlà náà ò bá wálẹ̀, òun á gba yàrá yẹn, òun á tẹ́ bẹ́ẹ̀dì sí i. Ìlà náà wálẹ̀. Inú gbogbo èèyàn dùn. Èmi nìkan ni àyà mi ń já, mi ò sì mọ ìdí rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àwọn bíríkìlà gbé ọ̀kan nínú wọn wá láti sáìtì. Okùn tí wọ́n fi ń fa bọ́kẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi dè é lọ́wọ́ sẹ́yìn. A fún un lábẹ́rẹ́, ó rọlẹ̀, àwọn tó gbé e wá sì lọ. Nígbà tí mo padà láti ibi oúnjẹ, ó ṣì jókòó lórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú okùn yẹn.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, apá ń ro mí."

Mo bi bọ̀ọ̀dá nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ pé kí ló dé tí wọn ò tíì tú u.

"Ṣé àwa la dè é ni? Má kà á o, Kọ́pà. Tí mo bá tú u, tó tún yarí, tí mo wá dè é padà, ta ni wọ́n á kọ ọ́ sí lọ́rùn? Àbí o fẹ́ ba ìlà rẹ jẹ́?"

Ó ń rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rín. Òótọ́ ló sọ. Ohun tí a kọ sílẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ ni pé ẹni tí òṣìṣẹ́ wọ́ọ̀dù bá dè nìkan la ó máa kà. Látìgbà tí a ti ń kà á, kò sẹ́ni tó ń yára tú ẹni tí wọ́n bá dè wá láti ilé, láti ṣọ́ọ̀ṣì tàbí láti sáìtì.

Mo lọ bá Mètírọ́ọ̀nù. Wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n fi ọwọ́ nu ojú.

"Mo ti ń rí wọn. Ojoojúmọ́ ni mò ń rò pé ẹlòmíì ti fẹ́ tú wọn."

Mètírọ́ọ̀nù fúnra wọn ló tú bíríkìlà náà. A mú ọkùnrin náà lọ sí yàrá, a bi í léèrè ohun tó fẹ́. Ó ní òun fẹ́ wẹ̀, pé sìmẹ́ǹtì ń yún òun.

A tún ìtumọ̀ dídè kọ: okùn èyíkéyìí tó bá wà lára aláìsàn nínú géètì wa, ẹni yòówù kó dè é, a ó kà á. Mo fa ìlà kan ní òòró sórí ṣáàtì, n ò sì so àwọn àmì tuntun mọ́ ti tẹ́lẹ̀, torí ohun tí à ń kà ti yàtọ̀. Àwọn àmì tuntun ga ju gbogbo ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ọ̀gá wò ó títí. "Èyí ti gòkè." Mo ṣàlàyé ìdí rẹ̀. Wọ́n ní, "Ó túmọ̀ sí pé kò ṣiṣẹ́."

"A ò tíì mọ̀, sà," ni Mètírọ́ọ̀nù wí. "Ìsinsìnyí la ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kà á dáadáa."

Ọ̀gá gba yàrá náà. Mo rò pé màá sunkún, ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ mí ju ẹkún lọ. Mètírọ́ọ̀nù ní kí n ká ẹní náà wá sí ọ́fíìsì àwọn, kí àwọn aláìsàn lè máa jókòó síbẹ̀. Wọ́n gbé tábìlì wọn jáde sí kọ́rídọ̀, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń kọ ìwé wọn, tí ẹsẹ̀ àwọn tó ń kọjá ń kọ lu àga wọn.