Lọ́wọ́ Òsì Àwòrán Ni Ẹ̀dọ̀ Wà

Mo ti fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kan nínú ìdánwò ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀yà ara. Ẹni tó bá tún fìdí rẹmi nínú àtúnṣe rẹ̀, wọ́n á ní kó fi ẹ̀kọ́ dókítà sílẹ̀. Kì í ṣe pé n kò kàwé. Àwòrán CT ló ń bá mi jà, èyí tó ń fi inú èèyàn hàn bí ẹni gé búrẹ́dì Agége wò. Wọ́n á fi ọfà tọ́ka sí nǹkan nínú rẹ̀, wọ́n á ní kí a kọ orúkọ rẹ̀ àti apá ibi tó wà.

Ilé ọ̀rẹ́ mi kan ní Ọgbà la ti ń múra. Kíláàsì kan náà la wà, àmọ́ òun ti yege tirẹ̀. Ó fi bébà bo àwọn orúkọ tó wà lára àwòrán, ó ní kí n kọ wọ́n fúnra mi. Mo mọ kíndìnrín, mo mọ àpòlúkù, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó wà lọ́tùn-ún ni mo kọ sí òsì. Inú bí mi.

"Orí lo ti ń wò ó," ó ní. "Ìdí ẹsẹ̀ aláìsàn la máa ń dúró sí."

"Màá há a sórí."

"Tó o bá há a sórí, wàá gbàgbé ẹ̀ nínú họ́ọ̀lù."

Ló bá fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì, ó ní kí n dúró síbi ẹsẹ̀ òun, kí n gbé àwòrán náà dání. Làálì tí wọ́n lé fún un nígbà ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣì wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Ti ẹsẹ̀ ọ̀tún ti bàjẹ́, torí ó fi tẹ omi kó tó gbẹ. Ẹsẹ̀ yẹn wà lọ́wọ́ òsì mi, ẹ̀dọ̀ inú àwòrán náà sì wà lọ́wọ́ òsì mi.

Ìyá rẹ̀ yọjú. "Kí ló ṣe ẹ́?"

"Kò sí nǹkan, Mọ́mì. Ẹ̀dọ̀ mi ló ń wá."

"Kó tètè rí i. Oúnjẹ ti ń tutù."

Nínú ìdánwò, ọfà méjì tọ́ka sí òbìrípo méjì níwájú eegun ẹ̀yìn. Ọ̀kan ni òpó tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde láti inú ọkàn, ìkejì ni èyí tó ń dá a padà. Mo kọ ọ́ wéré, mo fẹ́ ṣí ojú ìwé tó kàn. Ẹ̀rù bà mí, mo tún wò ó. Mo rí àtẹ́lẹsẹ̀ ọ̀rẹ́ mi lójú ọkàn mi, èyí tó bàjẹ́ lọ́wọ́ òsì mi. Ọ̀tún nìyẹn, apá ẹ̀dọ̀, ibẹ̀ sì ni èyí tó ń dá ẹ̀jẹ̀ padà máa ń gbà. Òdìkejì ni mo ti kọ. Mo fagi lé méjèèjì, mo pààrọ̀ wọn.

Máàkì ìyege gan-an ni mo gbà, kò lé, kò dín. Ká ní mo fi méjèèjì sílẹ̀ bó ṣe wà ni, ilé ni ǹ bá lọ. Mo pe ọ̀rẹ́ mi, mo ní ẹsẹ̀ rẹ̀ ló yọ mí.

Ó ní làálì yẹn ti parẹ́ tipẹ́.