Máàkì Tí Mo Fún Máníjà Wa

Ó ti máa ń rẹ̀ mí kí n tó dé Àbújá rárá. Ilé-iṣẹ́ ọ̀dà ìkunlé ni mo ń bá ṣiṣẹ́ nígbà yẹn, Kàdúná ni ọ́fíìsì mi wà, èmi ni mo sì ń bẹ gbogbo ẹ̀ka apá àríwá wò. Ẹni tó bá rin ọ̀nà yẹn nínú ọyẹ́, nínú mọ́tò tí fèrèsé rẹ̀ kò pa dé, á mọ ohun tí mò ń sọ. Kí á tó dé Zuba, iyẹ̀pẹ̀ ti wọ eyín mi.

Ohun tó gbé mi wá lọ́dún tí mò ń sọ yìí tún wá burú jù. Wọ́n ní kí n yẹ iṣẹ́ máníjà tó ń bójú tó ọjà títà l'Ábùjá wò, kí n fún un ní máàkì. Ọ̀gá ẹ̀ka fẹ́ fẹ̀yìn tì. Bí máàkì bá tó, máníjà yìí ni yóò bọ́ sípò rẹ̀. Ọkùnrin náà jù mí lọ dáadáa lọ́jọ́ orí. Ẹ̀gbọ́n ni mò ń pè é, òun náà ń pè mí ní Màdáámù, àfi tí inú bá ń bí i ni mo máa ń di "àbúrò mi obìnrin."

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ọkùnrin náà mọ ọjà tà. Wọ́n ń kọ́lé lọ́tùn-ún lósì l'Ábùjá nígbà yẹn. Ibi tí wọ́n bá ti ń po sìmẹ́ńtì lónìí, ó ti mọ ẹni tí yóò ra ọ̀dà rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Tó bá jẹ́ bí a ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀ ni, máàkì rẹ̀ ì bá ti pé kí n tó jókòó, torí iye tí máníjà bá fọwọ́ ara rẹ̀ tà nìkan là ń wò. Ṣùgbọ́n máníjà kan ní ẹ̀ka mìíràn ti fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ bá àwọn tó ń bá wa du ọjà, gbogbo oníbàárà sì wọ́ tẹ̀ lé e. Àwọn tó fi sẹ́yìn kò mọ oníbàárà kankan, oníbàárà kankan kò sì mọ̀ wọ́n. Ìgbà yẹn lojú àwọn ọ̀gá oríléeṣẹ́ wa l'Ékòó tó là. Wọ́n ní ìdajì máàkì gbọ́dọ̀ wá látorí bí máníjà ṣe ń darí àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀: ṣé ó ń bá wọn jáde, ṣé ó ń kọ́ wọn níṣẹ́, ṣé ọwọ́ wọn sì ń mókè sí i?

Atajà mẹ́ta ló wà lábẹ́ rẹ̀. Mo pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ṣé ó máa ń bá yín jáde?"

"Gbogbo ìgbà, mà." Inú mi dùn.

"Kí ló wá kọ́ yín?"

Èyí àkọ́kọ́ wo àjà. Èkejì ń fi ọwọ́ yún orí. Obìnrin kan ṣoṣo tó wà láàárín wọn ló là á mọ́lẹ̀: "Ó kọ́ wa bí a ṣe ń ru páálí àpẹẹrẹ àwọ̀ ọ̀dà tẹ̀ lé e, mà."

Mo ní kí èmi, máníjà àti obìnrin yìí jọ lọ sí Gwagwalada, sọ́dọ̀ bàbá ọmọ Ọ̀yọ́ kan tó ń ta ohun èlò ilé. Mo ti sọ fún Ẹ̀gbọ́n pé obìnrin náà ni kó sọ̀rọ̀. Ó ní kò sí wàhálà. Obìnrin náà kúnlẹ̀ kí bàbá, ó ní, "Bàbá, ọ̀dà tí ẹ gbà lọ́jọ́sí..." Ẹ̀gbọ́n ti gbà á lẹ́nu rẹ̀! Ó bú sẹ́rìn-ín, ó béèrè ìyàwó, ó béèrè orúnkún tó ń dun bàbá, ká tó wí ká tó fọ̀, bàbá ti ra ọ̀dà ẹ̀kún ọkọ̀. Obìnrin náà dúró síbẹ̀, ó gbá páálí àwọ̀ mọ́ àyà.

Nígbà tí wọ́n jáde, mo bi bàbá pé, "Bí ọmọ yìí bá dá wá ńkọ́?"

"Kai! Ṣé ó lè dín owó fún mi ni? Ọ̀gá rẹ̀ nìkan ló lè dín in. Tó bá dá wá, mo máa ń ní kó lọ mú ọ̀gá rẹ̀ wá ni."

Ọ̀rọ̀ yé mi. Ẹ̀gbọ́n kò fún ẹnikẹ́ni nínú wọn láyè láti dín kọ́bọ̀. Lójú ọ̀nà, ó ń súfèé. "Màdáámù, ẹ rí i bí wọ́n ti ń ṣe é?"

Lọ́jọ́ kejì, èmi pẹ̀lú rẹ̀ jókòó. Mo ní ọjà tó fọwọ́ ara rẹ̀ tà gba máàkì tó kún, ṣùgbọ́n ti ìdarí kò dé ìdajì, àpapọ̀ rẹ̀ kò sì lè gbé e dé ipò ọ̀gá.

Ó dìde. "Èmi? Àbúrò mi obìnrin, owó tí mò ń pa wọlé ni wọ́n fi ra epo sí mọ́tò tó gbé ọ wá! Àkọ́bí mi wà ní jẹ́léósinmi nígbà tí mo ti ń retí ipò yìí. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ṣé kí n máa wò wọ́n kí wọ́n ba ọjà jẹ́ ni?"

Inú bí èmi náà. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kò gbọ́wọ́ kúrò lórí ọmọ náà rí. Ìgbà wo ni ọrùn rẹ̀ fẹ́ le?"

Ó jókòó padà. Mo rí i pé ewú ti gba ẹ̀bá etí rẹ̀, àánú rẹ̀ sì ṣe mí. Mo ní òfin gbà kí n dúró fún oṣù mẹ́ta kí n tún un yẹ̀ wò. Kí ó pín oníbàárà fún wọn, kí olúkúlùkù mọ ibi tó lè dín owó dé. Kí ó máa bá wọn jáde, ṣùgbọ́n kí ó panu mọ́ níwájú oníbàárà. Tí wọ́n bá padà sínú mọ́tò, kí ó kọ́kọ́ béèrè kó tó sọ tirẹ̀.

Oṣù mẹ́ta pé, mo padà wá. Obìnrin yẹn náà la tẹ̀ lé, lọ bá kọ́ngílá kan tó ń kọ́ ilé òṣìṣẹ́ ìjọba ní Garki. Kọ́ngílá ní ọ̀dà àwọn ẹlòmíràn pọ́ọ́kú ju tiwa lọ. Kíá, obìnrin náà ti dín owó. Kọ́ngílá náà káwọ́ mọ́ àyà. Ẹ̀gbọ́n la ẹnu. Ó pa á dé. Ó wúkọ́, ó yọ áńkáṣífù, ó ń nu ojú tí kò làágùn. Ọjà kò tà.

A wọ mọ́tò. Ẹ̀gbọ́n yíjú sí obìnrin náà, ó ní, "Níbo lo rò pé ó ti yí?"

"Mo yára dín owó, sà. Mi ò tiẹ̀ bi í pé inú ilé ló fẹ́ kùn àbí ìta tí òjò ń pa."

"Ó dáa. Èmi ni kọ́ngílá. Wá bá mi."

Ó sọ̀ kalẹ̀ sẹ́bàá ọ̀nà, ó yọ ikùn síta, ó fajú ro, obìnrin náà sì ń bá a nájà títí ó fi mọ̀ ọ́n. Mo rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ fi ń dùn mí. Nígbà tó ku àwa méjì, ó gbé orí lé àga. "Màdáámù, bí mo ṣe ń tajà láti kékeré tó, kò rẹ̀ mí rí bó ṣe rẹ̀ mí lónìí tí mi ò sọ̀rọ̀."

Ọjọ́ tí ọjà bọ́ yẹn gan-an ni mo fún un ní máàkì tó dára, mo sì fi ránṣẹ́ sí Èkó.

Èkó ní ọjà tó ń tà fúnra rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Kò ní ṣàì lọ sílẹ̀! Ó ti pín oníbàárà fún àwọn ọmọ rẹ̀. Mo pariwo lórí fóònù títí ohùn mi fi há: ẹ wo ohun tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tà, ó ti kọjá ti tẹ́lẹ̀! Wọ́n ní àwọn ti rí i, àmọ́ ẹni tí ọwọ́ tirẹ̀ ń rẹlẹ̀ kọ́ ni wọ́n lè fi jọ̀gá. Àwọn tó ṣòfin náà nìyẹn o. Wọ́n gbé ipò náà fún ẹlòmíràn tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ tà á. Gbogbo rẹ̀ sú mi pátápátá.

Mo padà lọ sọ ọ́ fún un lójúkojú. Ó wù mí kó bínú, kó tún pè mí ní àbúrò rẹ̀ obìnrin. Ó kàn ní, "Ṣé wọ́n ti yan ẹni náà?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. "Ó dáa."

Bí a ṣe jókòó bẹ́ẹ̀ ni obìnrin atajà yẹn já wọlé, eruku kún bàtà rẹ̀. "Sà! Kọ́ngílá Garki ti rà á! Ògiri ìta ni, sà! Mo bi í!" Kò mọ ohun tí a ń sọ bọ̀. Mo rò pé Ẹ̀gbọ́n á ní kó padà wá tó bá yá. Ó fi ẹsẹ̀ fa àga sún mọ́ ara rẹ̀.

"Jókòó," ó ní. "Mú un láti ìbẹ̀rẹ̀. Má fo nǹkan kan."

Obìnrin náà ń sọ, kò sì já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀ rárá. Mo yíjú sí fèrèsé nítorí omi tó ti lé sí mi lójú, mo wá gbọ́ tó ń bi í pé, "Ẹ̀n-ẹ́n, kí ni òun náà wá sọ?"